Audacity àti FFmpeg: bí mo ṣe fi ohùn àpèjúwe kún fídíò àdìrẹ wa

"Ẹ wò ó, báyìí ni mo ṣe ń ṣe é." Ọ̀rọ̀ tí Àǹtí mi ń sọ lójú fídíò náà nìyẹn látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ìṣẹ́jú 11 ni fídíò ọ̀hún. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni wọ́n ń yà níbẹ̀, nínú àgbàlá wọn n'Íbàdàn, èmi ni mo sì fi fóònù mi ká a. Nígbà tí mo tàn án fún Bọ̀dá mi, tí wọn ò ríran mọ́ láti bí ọdún méje sẹ́yìn, wọ́n fara balẹ̀ gbọ́ ọ tán, wọ́n wá ní, "Ó dára. Ṣùgbọ́n kí ló ń jẹ́ báyìí?"

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá bí wọ́n ṣe ń fi ohùn àpèjúwe kún fídíò nìyẹn, ìyẹn ohùn tó ń sọ ohun tí ojú ń rí fún ẹni tí kò ríran, láwọn ibi tí ẹnikẹ́ni ò ti sọ̀rọ̀. Sọ́fítíwíà méjì ni mo lò. Mo fi Audacity ká ohùn mi sílẹ̀, òun náà ni mo sì fi pò ó. FFmpeg ni mo fi dá ohùn náà padà sára fídíò. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Ó ti di oṣù mẹ́ta tí mo ti ń lò wọ́n báyìí, mo sì ti fi wọ́n ṣe fídíò mẹ́rin, ṣùgbọ́n ti àdìrẹ yìí ló kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ jù, nítorí òun ni mo bà jẹ́ jù.

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ rọrùn. FFmpeg ò ní ojú tí èèyàn ń tẹ̀, àṣẹ ni wọ́n ń kọ fún un. Èyí tó ń yọ ohùn kúrò lára fídíò nìyí:

```
ffmpeg -i adire.mp4 -vn -ar 48000 ohun.wav
```

Mo ṣí ohun.wav nínú Audacity, mo wá ń wá àlàfo kiri. Ibi tí ohùn bá ti rọlẹ̀, ìlà tó ń jà sókè jà sílẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà á tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí mo bá ti fa èkúté gba orí ibẹ̀, Audacity á sọ iye ìṣẹ́jú àáyá rẹ̀ fún mi nísàlẹ̀. Mo tẹ Ctrl+B, mo kọ orúkọ àlàfo náà sí i. Nínú odidi ìṣẹ́jú 11, àlàfo 14 péré ni mo rí, mẹ́fà nínú wọn ló sì ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin lọ. Àṣé Àǹtí mi kì í dákẹ́!

Ibi tí iṣẹ́ gan-an wà nìyẹn. Kí n tó kọ gbólóhùn kan, mo ka ìwé sókè fún ìṣẹ́jú kan gbáko, bí ẹni tó ń sọ ìtàn fún ọmọdé, mo wá ka iye ọ̀rọ̀ tí mo sọ: 140. Ìyẹn túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ méjì àti díẹ̀ ló ń wọ inú ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ má yá ìwọ̀n mi lò o, ẹ wọn ti yín, nítorí ẹnu kálukú ló ní bó ṣe ń yá sí. Àlàfo kan wà tó jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, níbi tí Àǹtí ti bẹ̀rẹ̀ sí í yà á. Ohun tí mo kọ́kọ́ kọ síbẹ̀ nìyí: "Àǹtí bọ ìyẹ́ adìẹ kan tó gùn, tó sì funfun, sínú abọ́ ẹ̀kọ láfún tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wọn ọ̀tún, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi fa ìlà sórí aṣọ." Ọ̀rọ̀ 30 nìyẹn, á gbà tó ìṣẹ́jú àáyá 13. Mo gé e, mo tún un gé, ó wá ku: "Wọ́n ki ìyẹ́ adìẹ bọ ẹ̀kọ, wọ́n fi fa ìlà." Ọ̀rọ̀ mẹ́wàá. Ó wọ àlàfo náà, èémí kékeré sì ṣẹ́ kù lẹ́yìn rẹ̀.

Mo fi gígùn ìyẹ́ náà àti fífunfun rẹ̀ sílẹ̀, mo fi abọ́ àti ẹsẹ̀ ọ̀tún sílẹ̀. Ohun tí mi ò lè fi sílẹ̀ ni ìyẹ́ náà fúnra rẹ̀, nítorí bí Àǹtí bá ti wí pé "báyìí" lẹ́yìn ìyẹn, ìyẹ́ yẹn ni wọ́n ń fi ṣe é. Láti ọjọ́ náà, ìbéèrè kan ni mo máa ń bi ara mi níbi gbogbo àlàfo: kí ni ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú fídíò ń nawọ́ sí tí kò dárúkọ?

Àṣìṣe kan wà tí mo rò pé àwa tí ìlù wa ń sọ̀rọ̀ nìkan ló lè ṣe irú rẹ̀. Ìlù dùndún ló wà níbẹ̀rẹ̀ fídíò, bí ìṣẹ́jú àáyá 12, láìsí ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Inú mi dùn, mo ní àlàfo ńlá rèé, mo sì da àpèjúwe àgbàlá, ìkòkò aró àti aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn sí i. Bọ̀dá ní kí n dá a dúró. "O ń sọ̀rọ̀ lé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lórí." Oríkì ìdílé wa ni onílù ń fi ìlù pè, èmi tí mo ríran ni mi ò fetí sí i! Mo gbé àpèjúwe náà kúrò, mo gé e sí méjì, mo fi apá kan sáàárín ìgbà tí ìlù dákẹ́ àti ìgbà tí Àǹtí là ẹnu. Orin tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú ṣeé bò mọ́lẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n dùndún kì í ṣe irú orin bẹ́ẹ̀.

Níbi tí orin lásán bá wà, Auto Duck inú Audacity ló ń bá mi mú un rọlẹ̀ nígbà tí mo bá ń sọ̀rọ̀. Ohùn fídíò ni kó wà lókè, ohùn tèmi lábẹ́ rẹ̀ gan-an. Ohùn ti òkè nìkan ni mo máa yàn kí n tó pè é. Bí ètò wọn bá yí padà, kò ní ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ó ń dín ohùn òkè kù ní -12 dB bí mi ò bá yí i padà, ìyẹn sì tẹ́ mi lọ́rùn. Ohun tó kọ́kọ́ bí mi nínú ni pé orin ń rú sókè nígbàkígbà tí mo bá mí láàárín gbólóhùn méjì, ó tún ń rọlẹ̀, bí ẹni tó ń ṣí ilẹ̀kùn tó tún ń tì í. Mo gbé Max Pause, ìyẹn iye ìṣẹ́jú àáyá tí mo lè fi dákẹ́ kí orin tó rú sókè, kúrò ní 1 lọ sí 2, ó sì dáwọ́ dúró.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtìjú mi. Nígbà àkọ́kọ́, ohùn tèmi nìkan ni mo kó sínú fáìlì tí mo fẹ́ fi ṣe ohùn kejì. Mo rò pé VLC, tí a fi ń wo fídíò lórí kọ̀ǹpútà, á máa ta méjèèjì pọ̀. Bọ̀dá tẹ lẹ́tà b, òun ló ń yí ohùn padà nínú VLC, wọ́n gbọ́ mi tí mo sọ gbólóhùn kan, lẹ́yìn náà kẹ́kẹ́ pa. Ohùn Àǹtí ti lọ, ìlù ti lọ. Ohùn kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ tó ń ta fídíò máa ń mú lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà ohùn kejì gbọ́dọ̀ ru gbogbo ẹrù: ọ̀rọ̀, ìlù, ariwo àgbàlá, pẹ̀lú àpèjúwe lórí rẹ̀. Àpapọ̀ méjèèjì ni mo wá gbé jáde láti Audacity, mo sọ ọ́ ní apapo.wav, mo sì kọ èyí:

```
ffmpeg -i adire.mp4 -i apapo.wav \
 -map 0:v -map 0:a -map 1:a \
 -c:v copy -c:a:0 copy -c:a:1 aac \
 -metadata:s:a:1 language=yor \
 -metadata:s:a:1 title="Ohùn àpèjúwe" \
 -disposition:a:1 visual_impaired adire.mkv
```

Nítorí `-c:v copy`, kò fọwọ́ kan àwòrán rárá, ohùn nìkan ló ń tò. Kò tó ìṣẹ́jú kan tó fi parí lórí kọ̀ǹpútà mi tó ti darúgbó. Bẹ́ẹ̀ sì ni NVDA, sọ́fítíwíà tó ń ka ojú kọ̀ǹpútà sókè fún ẹni tí kò ríran, ń ka "Ohùn àpèjúwe" sókè fún Bọ̀dá nígbà tí wọ́n bá ṣí àkọsílẹ̀ àwọn ohùn nínú VLC, wọn ò nílò ẹni tó máa bá wọn yan án.

Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí ohùn kejì ò ràn mí lọ́wọ́. Ìbàdàndùn ni Àǹtí ń yà, iṣẹ́ ọnà tí òpó gbọ̀ngàn Mápó àti ṣíbí ń tẹ̀ léra wọn nínú rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń yà á ni wọ́n ń sọ̀rọ̀, wọn ò fún mi ní ju ìṣẹ́jú àáyá méjì lọ lẹ́ẹ̀kan. Ìṣẹ́jú àáyá méjì ò lè gba òpó Mápó! Ohun tí wọ́n ń ṣe níbi bẹ́ẹ̀ ni kí wọ́n dá àwòrán dúró gbagidi, kí ohùn àpèjúwe sọ tirẹ̀ tán, kí fídíò tó tẹ̀ síwájú. Mo dá a dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án. Kùdìẹ̀-kudiẹ rẹ̀ ni pé fídíò ti gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ohùn àkọ́kọ́ ò lè bá a rìn mọ́. Láti ibẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ Àǹtí á ti máa fi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án ṣáájú ọwọ́ wọn. Fáìlì ọ̀tọ̀ ló gbọ́dọ̀ jẹ́, tó ní ohùn àpapọ̀ náà nìkan.

Mo kọ́kọ́ bínú sí i, àfi ìgbà tí mo fi adire.mkv ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí lórí fóònù, tí ohùn kejì sì pòórá lójú ọ̀nà. Áàpù tí mo fi ránṣẹ́ ti tún fídíò ṣe, ohùn àkọ́kọ́ nìkan ló sì dá sí. Fáìlì ọ̀tọ̀ yẹn ni mo wá ń fi ránṣẹ́ títí di òní. Ti mkv wà fún kọ̀ǹpútà nílé, kí àwa tó ríran àti ẹni tí kò ríran lè jókòó ti fáìlì kan.

Ṣé mo gbà yín níyànjú láti lò wọ́n? Bẹ́ẹ̀ ni, bí ẹ bá lè fara da kíkọ àṣẹ. Àmì kan tó bá sọnù, FFmpeg á bú yín lédè tí ẹ ò gbọ́. Ọjọ́ mẹ́rin ni fídíò ìṣẹ́jú 11 yẹn gbà mí. Mẹ́ta nínú rẹ̀ ni mo fi gé gbólóhùn.

Bọ̀dá ti ń fi ffprobe, irinṣẹ́ tó bá FFmpeg wá tó ń sọ ohun tó wà nínú fáìlì, yẹ iṣẹ́ mi wò fúnra wọn báyìí, torí pé ọ̀rọ̀ tó wà lójú kọ̀ǹpútà ni, NVDA á sì kà á fún wọn ketekete. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n pè mí lórí fídíò kẹrin. "language=eng lo kọ síbẹ̀ o. Ìgbà wo ni Àǹtí di òyìnbó?"