"Unscented" tàbí "Fragrance-free": èwo ni kí ẹni tí awọ ara rẹ̀ máa ń tètè bínú rà?

Bí ẹ bá ń wá ìpara lórí fóònù, ẹ óò rí ọ̀rọ̀ méjì yìí lára ọjà, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì gbà pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, oṣù mẹ́ta gbáko ni mo sì fi họ ọrùn nítorí rẹ̀.

"Fragrance-free" ń sọ fún wa pé wọn kò fi èròjà olóòórùn kankan sí i. Ó lè máa rùn díẹ̀díẹ̀ bí ọ̀rá tí wọ́n fi ṣe é, ìyẹn kì í ṣe àbùkù. Ohun tí imú yóò gbọ́ ni "Unscented" ń sọ ní tirẹ̀. Bí ọ̀rá inú ìpara bá ń rùn, olùṣe lè fi lọ́fínńdà díẹ̀ bo òórùn náà mọ́lẹ̀, títí tí imú ò fi ní gbọ́ èyí, tí kò ní gbọ́ tọ̀hún. Lọ́fínńdà náà ṣì wà nínú ike. Báyìí gan-an ni ètò Safer Choice ti EPA, àjọ tó ń bójú tó àyíká ní Amẹ́ríkà, ṣe ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n ọjà tó bá wà lábẹ́ ètò náà nìkan ni ìtumọ̀ yẹn dè.

Ìpara òrí ni mo kọ́kọ́ rà, èyí tí wọ́n ní ewé àti èso nìkan ni wọ́n fi ṣe. Òróró láfẹ́ńdà àti ti èèpo ọsàn ló ń mú un ta sánsán. Nǹkan bí oṣù méjì ni mo fi lò ó láìsí wàhálà, kí ọrùn mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í yún, tó sì sú. Bí ara ṣe ń kọ nǹkan nìyẹn: ó máa ń gba àkókò kó tó kọ̀ ọ́, bó bá sì ti kọ̀ ọ́ tán, kì í sábà gbàgbé mọ́. Mo pa ìpara náà tì, mo ra "Unscented". Ọrùn ò dẹ̀.

Ọ̀dọ̀ dókítà awọ ara ni mo ti rí ìdí rẹ̀. Ó lẹ oríṣiríṣi èròjà mọ́ ẹ̀yìn mi fún ọjọ́ méjì, ó wò ó nígbà tó ń ṣí i, ó tún wò ó ní ọjọ́ kẹrin. Ojú ibi tí linalool wà pọ́n, ó sì wú. Linalool jẹ́ èròjà olóòórùn tó pọ̀ nínú òróró láfẹ́ńdà. Nígbà tí mo délé, mo ka ẹ̀yìn ike "Unscented" mi: "Parfum", ìyẹn lọ́fínńdà, wà níbẹ̀, "Linalool" sì wà nísàlẹ̀ pátápátá. Dókítà ṣàlàyé pé linalool tí afẹ́fẹ́ kò tíì fẹ́ sí kì í sábà yọ ara lẹ́nu, afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ sí i ló ń sọ ọ́ di ohun tí ara ń kọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni limonene inú èèpo ọsàn. Nítorí náà, ike tó ti pẹ́ ní ṣíṣí léwu ju tuntun lọ.

Ti owó, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ jura wọn lọ. Ti dídán ara, ọ̀rá inú wọn ló ń ṣe é, òórùn ò ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí àwòrán ọmọ ọwọ́ tàn yín, púpọ̀ nínú ìpara ọmọdé ló ní lọ́fínńdà.

Ẹni tí ara rẹ̀ ò kọ nǹkan kan rí lè ra èyí tó wù ú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: olóòórùn, "Unscented" tàbí "Fragrance-free". Fún awọ bíi tèmi, "Fragrance-free" ni mo ń rà, mo sì ń fi faselín funfun tí kò ní lọ́fínńdà pa ọrùn. Síbẹ̀, mo ṣì ń ka ẹ̀yìn ike, torí àwọn olùṣe kan máa ń kọ "Fragrance-free" síwájú, kí "Lavandula angustifolia oil", ìyẹn òróró láfẹ́ńdà, sì wà lẹ́yìn.

Bí mo bá ra tuntun, igunpá nínú ni mo ti ń dán an wò, lójú kan náà, lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ fún ọjọ́ méje, nígbà mìíràn mẹ́rìnlá. Bó bá ta mí lójú ẹsẹ̀ tó sì lọ, ó lè jẹ́ pé ó kàn le jù fún awọ ni. Bó bá di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta kó tó yún, tó sú, tó sì wú, ara ti kọ̀ ọ́ nìyẹn, mi ò sì ní gbé e dé ojú. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, àpá tí ó bá fi sílẹ̀ lè pẹ́ ní oṣù mélòó kan.

Bí ọjà bá fi iwájú ike nìkan hàn, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á ya fọ́tò ẹ̀yìn rẹ̀ ránṣẹ́ kí ẹ tó sanwó.