Bọ́ọ̀sì tiwa tàbí ilé-iṣẹ́ lọ́jísítíìkì: ẹ kọ́kọ́ bèèrè ibi tí aago ti bẹ̀rẹ̀

Èlùbọ́ iṣu ni mo ń tà. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí la ti ń bó iṣu, tí a ń bọ̀ ọ́, tí a ń sá a, tí a ń lọ̀ ọ́, tí a sì ń dì í sínú ọ̀rá kílò méjì-méjì. Ọ̀rá mẹ́wàá ló ń wọ páálí kan. Ìbàdàn ni púpọ̀ nínú àwọn tó ń rà á lọ́wọ́ mi ní ìsọ̀ sí, àwọn díẹ̀ sì wà ní Èkó. Fún ọdún kan, ilé-iṣẹ́ lọ́jísítíìkì kan ló ń bá mi gbé gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo ra bọ́ọ̀sì tòkunbọ̀, tí mo gba dírẹ́bà, ó sì ti di ọdún méjì báyìí. Àwọn tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ irú òwò yìí máa ń bi mí pé èwo ni kí àwọn mú. Ohun tí ojú mi rí nínú méjèèjì ni mo fẹ́ sọ.

Ní ti owó

Ilé-iṣẹ́ ń gba owó lórí páálí kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ kò bá rán nǹkan kan lóṣù kan, ẹ kò jẹ wọ́n ní kọ́bọ̀. Bọ́ọ̀sì kò rí bẹ́ẹ̀. Yálà ó rìn tàbí kò rìn, dírẹ́bà á gba owó oṣù, ìwé ọkọ̀ àti ìbánigbófò á fẹ́ owó, ẹ sì gbọ́dọ̀ máa ya owó mẹkáníìkì sọ́tọ̀, kí ẹ tún máa ya ti bọ́ọ̀sì mìíràn sọ́tọ̀ de ọjọ́ tí èyí bá kú. Nígbà tí mo ṣírò tèmi, gbogbo èyí jẹ́ 230,000 náírà lóṣù.

Ilé-iṣẹ́ ń gba 2,300 náírà lórí páálí kan dé Ìbàdàn lọ́wọ́ mi nígbà náà. Àlọ àti àbọ̀ bọ́ọ̀sì, pẹ̀lú yíyí ká inú ìgboro Ìbàdàn, ń gba 32,000 fún epo àti ìnáwó ojú ọ̀nà. Páálí 40 ló ń gbà. Bó bá kún, 800 náírà ló bọ́ sí lórí páálí kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ni pé mo fi 1,500 dín sí ti ilé-iṣẹ́. Inú 1,500 yẹn ni 230,000 náà ti gbọ́dọ̀ jáde, nítorí náà páálí 154 lóṣù ni bọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ gbé kó tó bá ilé-iṣẹ́ dọ́gba.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fi sínú ìṣirò ni ọjọ́ tí bọ́ọ̀sì kò kún. Bí ẹ bá ń fi páálí 20 rán an lọ torí pé oníbàárà kan ń kánjú, owó ojú ọ̀nà di 1,600 lórí páálí, ìyàtọ̀ á wá ṣẹ́kù sí 700 péré, páálí tí ẹ nílò lóṣù á sì fò sókè sí 329. Nítorí náà, kí ẹ tó ra bọ́ọ̀sì, ẹ wo ìwé ìtajà yín fún oṣù mẹ́ta, kí ẹ sì ka iye ọjọ́ tí ẹ ì bá ti rí páálí 35 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Àìsàn dírẹ́bà: ilé-iṣẹ́ ní ẹlòmíràn tí wọ́n lè fi rọ́pò, ẹ̀yin lè má ní. Èkó: ilé-iṣẹ́ sàn jù fún ẹni tí kò ní ju páálí 15 lọ lọ́sẹ̀. Ojú rere oníbàárà: bọ́ọ̀sì, láìsí àní-àní, torí dírẹ́bà yín yóò mọ ìsọ̀ tó máa ń tètè tì, yóò sì máa mú ìròyìn ọjà bọ̀ wálé.

Ibi tí aago ti bẹ̀rẹ̀

Ibí yìí ni owó mi bá lọ, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ fara balẹ̀ kà á.

Nínú àdéhùn tí mo kọ́kọ́ buwọ́lù, wọ́n kọ ọ́ pé páálí 95 nínú 100 yóò dé ọwọ́ oníbàárà láàárín wákàtí 48. Ó dùn-ún gbọ́. Ní oṣù Keje, mo rán páálí 240 lọ sí Ìbàdàn, ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan ń gba páálí kan lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí oṣù parí, wọ́n fi ìròyìn ránṣẹ́: 228 nínú 240 dé lákòókò. Ẹ ṣírò ó, 95 nínú 100 náà ni. Ṣùgbọ́n nínú oṣù yẹn kan náà ni ìyá kan tó ní ìsọ̀ ní Bódìjà pè mí pé, "Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́, ọjọ́ karùn-ún rèé o. Àwọn tó ń ra tiyín lọ́wọ́ mi ti ń ra tẹlòmíràn."

Mo kó ìwé wébíìlì jáde, mo sì fi ọjọ́ mẹ́ta pe gbogbo ìsọ̀ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo ń kọ ọjọ́ tí ẹrù kúrò lọ́dọ̀ mi àti ọjọ́ tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Páálí 174 péré ló dé láàárín wákàtí 48. Kò tó 73 nínú 100.

Páálí 54 ló wà láàárín kíkà tiwọn àti kíkà tèmi. Mo lọ sí ọ́fíìsì wọn kí wọ́n lè ṣàlàyé. Mọ́kàndínlógójì nínú rẹ̀ sùn sí sìtóò wọn níbí, ní Ògbómọ̀ṣọ́, torí wọ́n ń dúró kí ọkọ̀ tó ń lọ Ìbàdàn kún. Nínú àdéhùn, aago wákàtí 48 náà kò bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mi. Ìgbà tí wọ́n bá fi ẹ̀rọ ka nọ́ńbà páálí wọlé ní sìtóò Ìbàdàn ló bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta tí ẹrù fi sùn síbí kò sí nínú ìṣirò rárá. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó kù, ọlọ́kadà wọn dé ibẹ̀, ó ní ìsọ̀ wà ní títì, ó sì padà. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé "a gbìyànjú láti fi jíṣẹ́", wọ́n sì kà á mọ́ èyí tó dé.

Ọ̀gá ibẹ̀ kò bú mi. Ó kàn ṣí àdéhùn sí ojú ìwé kẹta, ó ní, "Mà, ohun tó wà nínú ìwé la ṣe." Bẹ́ẹ̀ gan-an ló sì rí.

Ọ̀rọ̀ tí mo ń fi sínú àdéhùn látìgbà náà nìyí, ẹ lè mú un bó ṣe wà: "Aago bẹ̀rẹ̀ nígbà tí òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ bá buwọ́lu wébíìlì lẹ́nu ọ̀nà oníṣòwò ní Ògbómọ̀ṣọ́. Aago dúró nígbà tí ẹni tó ni ìsọ̀ tàbí aṣojú rẹ̀ bá kọ orúkọ, ọjọ́ àti wákàtí, tó sì buwọ́lù pé ẹrù pé, ó sì gbẹ. Ìgbìyànjú tí kò já sí ìfijíṣẹ́ kì í ṣe ìfijíṣẹ́." Kó má bàa ni wọ́n lára, mo gbà pé ẹrù tí wọ́n bá gbà lẹ́yìn aago mẹ́ta ọ̀sán yóò bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, àti pé ọjọ́ Àìkú kò sí nínú kíkà. Bí ìsọ̀ bá wà ní títì lóòótọ́, kí ọlọ́kadà pè mí láti ibẹ̀, kó sì ya fọ́tò. Páálí yẹn á jáde kúrò nínú ìṣirò pátápátá, kò ní jẹ́ èyí tó dé, kò sì ní jẹ́ èyí tó pẹ́.

Ẹ tún wo gbólóhùn "ohun tó kọjá agbára wa" dáadáa, èyí tí ilé-iṣẹ́ fi ń yọ ara rẹ̀ bí ẹrù bá pẹ́. Ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ kò dára láti ọdún pípẹ́, gbogbo ẹni tó ń ná an ló mọ̀. Ẹni tó ń fi ẹrù gbígbé jẹun kò lè pe súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ibẹ̀ ní ohun tí kò retí. Kí ẹ to ohun tó wọ inú gbólóhùn náà síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, irú bí afárá tó já tàbí ìséde ìjọba, kí wọ́n sì gbọ́dọ̀ sọ fún yín láàárín wákàtí mẹ́fà, pẹ̀lú nọ́ńbà wébíìlì tó kàn. Bí ẹ bá jẹ́ kó di ìparí oṣù, gbogbo páálí tó pẹ́ ni yóò rí àwáwí tirẹ̀.

Èyí tó tutù

Nínú 174 tó dé lákòókò, omi ti wọ 12. Tapólì ọkọ̀ ti ya, òjò sì rọ̀ sí wọn ní apá Mọ́níyà. Èlùbọ́ tí omi bá kàn, láàárín ọjọ́ mélòó kan ni yóò bu, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi ṣe mọ́. Páálí kan jẹ́ 30,000 náírà lọ́wọ́ mi, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 360,000. Àdéhùn sọ pé ohun tí wọ́n máa san lórí ẹrù tó bàjẹ́ kò ní ju owó gbígbé rẹ̀ lọ. Wọ́n san 27,600 fún mi.

Nítorí náà, iye tó wà lórí ìwé owó tí ẹ fi ta ọjà náà ni kí ẹ kọ síbẹ̀, kí wọ́n san án láàárín ọjọ́ 14. Kí ẹ sì rí ìwé ìbánigbófò wọn fún ẹrù tó wà lójú ọ̀nà, kí ẹ wo ọjọ́ tó máa parí àti iye tó lè gbà, torí ìbánigbófò ọkọ̀ lásán kò kan ohun tó wà nínú ọkọ̀. Ìwé àṣẹ tí NIPOST ń fún ilé-iṣẹ́ tó ń gbé ẹrù náà, ẹ ní kí wọ́n fi hàn yín.

Bí wọ́n bá kùnà ńkọ́?

Lọ́yà tó bá mi tún àdéhùn kejì kọ ní kí n má pe owó tí màá yọ ní ìjìyà, torí ilé-ẹjọ́ kì í sábà fọwọ́ sí ìjìyà láàárín oníṣòwò méjì. Ó ní kí n kọ ọ́ bí iye owó iṣẹ́: bí 95 nínú 100 bá dé, owó pé. Bí kò bá tó 95, ṣùgbọ́n tí kò dín ní 90, màá yọ 5 nínú 100 kúrò. Bí kò bá tó 90, màá yọ 10. Èmi fúnra mi ni mo ń yọ ọ́ lára owó oṣù yẹn kí n tó san án.

Ṣùgbọ́n ẹ fi owó yìí wé òfò. Owó gbígbé oṣù Keje jẹ́ 552,000. Ká ní mo yọ 10 nínú 100, 55,200 ni, ìsọ̀ mẹ́ta sì ti fi mí sílẹ̀ nítorí oṣù yẹn nìkan. Èyí tó wúlò jù ni ẹnu ọ̀nà àbájáde: bí wọn kò bá tó 90 lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù mẹ́ta, mo lè fún wọn ní ọjọ́ 14 kí n sì lọ, láìsan ohunkóhun. Àdéhùn àkọ́kọ́ dè mí mọ́lẹ̀ fún ọdún kan. Oṣù mẹ́rin ni mo fi ń dúró lẹ́yìn tí mo ti mọ̀.

Èwo ni kí ẹ mú?

Bí ọjà yín kò bá tó páálí 150 lóṣù, tàbí bí àwọn ìsọ̀ yín bá fọ́n káàkiri ìlú mẹ́rin márùn-ún, ẹ lọ bá ilé-iṣẹ́. Bí púpọ̀ nínú wọn bá wà lójú ọ̀nà kan ṣoṣo, tí bọ́ọ̀sì á fi máa kún, ẹ ra bọ́ọ̀sì. Kìlómítà tó lé díẹ̀ ní 100 ni Ìbàdàn sí wa. Dírẹ́bà mi ń kúrò nílé ní aago márùn-ún ìdájí, ó ń bẹ̀rẹ̀ láti Òjòó, ó sì ń padà wálé lálẹ́ ọjọ́ kan náà. Páálí tó tutù lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọdún méjì kò ju méjì lọ.

Ti Èkó ṣì wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́. Mẹ́ta ni mo fi gbólóhùn aago yẹn hàn. Méjì kọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀kẹta gbà á, ó sì fi 200 náírà kún owó páálí kọ̀ọ̀kan. Ní gbogbo ọjọ́ Ajé, wọ́n ń fi àkọsílẹ̀ páálí ọ̀sẹ̀ tó kọjá ránṣẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú wákàtí tí aago bẹ̀rẹ̀ àti èyí tó dúró, mo sì ń pe ìsọ̀ mẹ́wàá nínú rẹ̀ láti fi wò ó. Nígbà tí oṣù tó kọjá parí, mo pe gbogbo wọn. Ilé-iṣẹ́ kọ 61 nínú 64. Èmi náà ka 61.