Create Handouts inú PowerPoint: bó ṣe ṣe sí fún ìwé ẹ̀kọ́ Bíbélì wa

Ẹni tó bá ń kọ́ kíláàsì Bíbélì pẹ̀lú síláìdì, tó sì ń fẹ́ kí àwọn èèyàn rí ìwé mú lọ sílé, ẹ gbọ́ o. Ọ̀pọ̀ ló máa ń dúró síbi Print, wọ́n á yan Handouts, 3 Slides, ó dáa, ìlà máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ síláìdì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ ò lè fọwọ́ kan ìlà yẹn, ẹ ò sì lè ki ìbéèrè kankan bọ̀ ọ́. Èmi fẹ́ràn Create Handouts jù, orí kọ̀ǹpútà Windows ni mo ti ń lò ó: File, Export, Create Handouts, kẹ́ ẹ yan Blank lines next to slides. Gbogbo síláìdì á kó sínú Word, nínú tébù: nọ́ńbà, àwòrán síláìdì, lẹ́yìn náà ìlà.

Ẹ jẹ́ n fi ẹ̀kọ́ afúnrúgbìn, Mátíù orí 13, ṣàpẹẹrẹ. Síláìdì 24 ló wà níbẹ̀. Mẹ́ta lójú ewé kan, ojú ewé 8 nìyẹn, ó ti pọ̀ jù. Mo ṣe ẹ̀dà fáìlì náà, mo yọ àkọlé, orin àti àwòrán lásán kúrò, ó ku 12, ojú ewé 4, tá a bá tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn, pépà 2 péré fún ẹnì kan.

Kẹ́ ẹ tó kó o lọ sí Word, ẹ wo àwọ̀ ẹ̀yìn síláìdì. Tó bá dúdú, á mu íǹkì gan-an, tẹ́ ẹ bá wá ṣe fotokópì ẹ̀, kò ní ṣeé kà. Nínú Design, lábẹ́ Variants, ẹ lọ sí Background Styles kẹ́ ẹ mú Style 1, ẹ̀yìn á funfun, ọ̀rọ̀ náà á sì yí padà sí dúdú fúnra ẹ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tẹ́nì kan ti fọwọ́ kùn ní funfun ò ní yí padà o, ńṣe ló máa pòórá, torí náà ẹ yẹ̀ ẹ́ wò ní síláìdì kọ̀ọ̀kan.

Ibi tó kù díẹ̀ káàtó ni àwọn ìlà yẹn. Àmì `_` tí wọ́n tò tẹ̀ léra lásán ni, tẹ́ ẹ bá ti fún àyè ibẹ̀ pọ̀ díẹ̀ tàbí tẹ́ ẹ yí fọ́ǹtì padà, ìlà kan á já sí méjì, èkejì á kúrú bí ìrù ewúrẹ́. Èmi máa ń pa gbogbo ẹ̀ rẹ́ ni, mo máa kọ ìbéèrè kan sókè, bíi “Irú ilẹ̀ wo lọkàn mi jẹ́ báyìí?”, mo wá ki tébù kékeré sábẹ́ ẹ̀ tó jẹ́ ìlà ìsàlẹ̀ nìkan ló hàn, gíga kọ̀ọ̀kan 0.8 cm. Fún àwọn àgbàlagbà tí ọwọ́ wọn máa ń gbọ̀n mo máa ń fi í sí 1 cm, inú wọn máa ń dùn sí i gan-an, wọ́n á kọ ọ́ dójú ìlà tó kẹ́yìn.

Fáìlì Word náà máa ń tóbi, torí síláìdì gangan ló wà nínú ẹ̀, kì í ṣe fọ́tò. Tẹ́ ẹ bá parí, ẹ sọ ọ́ di PDF kẹ́ ẹ tó gbé e lọ fún ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́, torí tí kọ̀ǹpútà tiẹ̀ ò bá ní fọ́ǹtì yín, àmì ohùn orí ọ̀rọ̀ lè kúrò lójú àyè ẹ̀.