Líǹkì Google Maps láti inú ṣíìtì: a dán an wò láti Dùgbẹ̀ dé Òjóò

Ẹni tó ń fi ọ̀kadà pín ọjà káàkiri Ìbàdàn lè jẹ́ kí fọ́múlà kan ṣoṣo nínú Google Sheets máa kọ líǹkì ojú ọ̀nà fún un. Ọ̀fẹ́ ni, kò sì béèrè kọ́kọ́rọ́ API. Ó wúlò gan-an, àmọ́ ó lágídí.

Ká ní ẹrù ń kúrò ní Dùgbẹ̀ lọ Òjóò, tó máa yà ní Mọ́kọ́lá, Ṣàngó àti Bódìjà. Ẹ kọ Dùgbẹ̀ sí A2, ibi mẹ́ta tó máa yà sí B2 dé D2, Òjóò sí E2. Kí fọ́múlà yìí wọ F2:

```
="https://www.google.com/maps/dir/?api=1&origin="&ENCODEURL(A2)
&"&destination="&ENCODEURL(E2)
&"&waypoints="&ENCODEURL(TEXTJOIN("|",TRUE,B2:D2))
&"&travelmode=driving"
```

TRUE yẹn ló ń jẹ́ kó fo sẹ́ẹ̀lì tó ṣófo. ENCODEURL ni ẹ kò gbọdọ̀ yọ. Bí kò bá sí níbẹ̀, àmì & inú orúkọ ṣọ́ọ̀bù á gé àdírẹ́sì sí méjì, àyè tó wà láàárín ọ̀rọ̀ á sì já líǹkì lórí Wọ́sáàpù: ẹ ó rí i pé ìdajì rẹ̀ nìkan ló ṣeé tẹ̀.

Ẹ kọ "Mokola, Ibadan, Nigeria", kì í ṣe "Mokola" lásán. "Òdìkejì ilé epo" tí gbogbo wa mọ̀, máàpù ò mọ̀ ọ́n. Fún irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹ tẹ ojú ibẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí máàpù, kí ẹ da nọ́ńbà méjì tó bá jáde kọ sínú sẹ́ẹ̀lì kan. Ní Ìbàdàn, èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 7 ló ń ṣíwájú, 3 ló ń tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá yí i padà, inú òkun ni àmì náà máa bọ́ sí.

Líǹkì yìí kì í to ibùdúró fúnra rẹ̀, bí ẹ ṣe kọ ọ́ ló ṣe máa tẹ̀ lé e. Bí Bódìjà bá ṣíwájú Mọ́kọ́lá nínú ṣíìtì, ọlọ́kadà á lọ, á tún padà wá, epo ẹ̀yin ló ń jó.

Ibi tó dùn wá jù ni iye ibùdúró. Lórí bùráúsà fóònù, mẹ́ta péré ló ń gbà láàárín ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí, níbòmíràn, mẹ́sàn-án. Bí oníbàárà bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ṣe líǹkì kejì, kí E2 ti àkọ́kọ́ di A2 tirẹ̀.

HYPERLINK ń mú ṣíìtì dára lójú, àmọ́ bí ẹ bá da sẹ́ẹ̀lì náà kọ sí Wọ́sáàpù, àkọlé rẹ̀ nìkan ló sábà máa ń lọ. Ẹ fi líǹkì sílẹ̀ ní gbangba. Bí ọlọ́kadà ò bá sì sí ní Dùgbẹ̀ nígbà tó máa gbéra, ẹ yọ apá origin kúrò: ibi tí fóònù rẹ̀ bá wà ni máàpù á ti bẹ̀rẹ̀.