Másítáàsì ìṣirò owó: Àkùngbá ni, àbí ìlú ọba?

Tí ẹ bá wà ní Àkúrẹ́ tí ẹ fẹ́ ka másítáàsì nínú ìṣirò owó, ibi tí ẹ fẹ́ ti ṣiṣẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀. Másítáàsì, ì báà ti Lọ́ńdọ̀nù wá, kò fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti fọwọ́ sí ìwé owó ilé-iṣẹ́ ní Nàìjíríà. Ọmọ ICAN tàbí ANAN, ẹgbẹ́ àwọn oníṣirò owó méjèèjì ní Nàìjíríà, tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ FRC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìròyìn owó, ló lè ṣe é. Ẹni tó kàwé ní Yunifásítì Adékúnlé Ajásin ní Àkùngbá lè máa ṣe ìdánwò ICAN lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀kọ́. Ẹni tó ti òkè òkun dé pẹ̀lú másítáàsì nìkan ṣì máa padà wá jókòó ti ìwé. IFRS, ìlànà ìṣirò owó àgbáyé tí wọ́n ń kọ́ lọ́hùn-ún, òun náà là ń lò níbí láti 2012, àmọ́ òfin owó orí tiwa tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní 2026 kò sí nínú ẹ̀kọ́ wọn.

Owó wá ńkọ́? Ká ní ilé-ìwé kan ní ìlú ọba tí kò sí ní Lọ́ńdọ̀nù ń gba £16,000, tí ẹ sì ti san £6,000. Ó ku £10,000. Láti ìparí 2025, ìjọba wọn ń fẹ́ rí £1,171 lóṣù fún ilé àti oúnjẹ, fún oṣù 9. Ìyẹn £10,539. Àpapọ̀ tó gbọ́dọ̀ wà ní báǹkì jẹ́ £20,539. Owó ìtọ́jú ìlera, £776 lọ́dún, tún wà lọ́tọ̀. Nítorí pé fisà ẹ̀kọ́ ọdún kan sábà máa ń fi oṣù mẹ́rin lé e, ọdún kan ààbọ̀ ni wọ́n ń gbà: £1,164.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ nìyí. £20,539 náà gbọ́dọ̀ wà ní báǹkì fún ọjọ́ 28 gbáko. Bí ó bá lọ sílẹ̀ fún ọjọ́ kan ṣoṣo, kíkà á bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Àkáǹtì yín, ti òbí yín tàbí ti alágbàtọ́ yín lábẹ́ òfin ni wọ́n sábà máa ń gbà. Ẹ̀gbọ́n ìyá yín lè lówó bí òkun, àkáǹtì tiẹ̀ kò ṣiṣẹ́. Kó fi owó náà ránṣẹ́ sínú ti yín kí ọjọ́ 28 tó bẹ̀rẹ̀. Bí ti òbí ni ẹ bá lò, ẹ fi ìwé ìbí àti lẹ́tà tó fi hàn pé wọ́n gbà sí i.

Ní ti kí owó náà padà wọlé, ọwọ́ mi kò yá sí i bíi ti tẹ́lẹ̀. Láti oṣù kìíní 2024, ẹni tó lọ ka másítáàsì inú kíláàsì kò lè mú ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ dání. Ẹni tó bá béèrè fún fisà iṣẹ́ lẹ́yìn ẹ̀kọ́ láti oṣù kìíní 2027, oṣù 18 ni yóò gbà, kì í ṣe ọdún méjì mọ́. Nínú oṣù 18 yẹn, agbanisíṣẹ́ á fẹ́ mọ iye ìdánwò ACCA, ẹgbẹ́ oníṣirò owó ti ìlú ọba, tí ẹ ti yege, ju másítáàsì lọ. Ẹni tó ti ní ICAN tàbí ACCA díẹ̀ lọ́wọ́ ni mo lè sọ fún pé kó lọ.

Ti ilé náà ní àbùkù tirẹ̀: ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì ní 2022 gba oṣù mẹ́jọ, alábòójútó iṣẹ́ ìwádìí sì lè fi ìwé yín sílẹ̀ fún oṣù bíi mélòó kan. Kí ẹ tó sanwó, ẹ lọ bá àwọn tó wọlé ní ọdún méjì sẹ́yìn, kí ẹ bi wọ́n pé mélòó nínú wọn ló ti gbèjà iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀.