Oṣù mẹ́ta tí mo fi lo ṣíìtì tó ń ṣọ́ ìrìn owó ìpolówó

Ìpolówó orí ayélujára ni mo ń bójú tó fún àwọn ọlọ́jà. Mẹ́jọ ni wọ́n báyìí, Ìbàdàn sì ni ọ̀pọ̀ wọn wà. Oníkálukú ń fún mi ní iye kan lóṣù, èmi á sì pín in sórí ìpolówó méjì tàbí mẹ́ta lórí Google Ads. Ohun tó ń fa wàhálà láàárín èmi àti wọn kì í sábà jẹ́ pé owó kéré. Bí owó ṣe ń rìn ni. Òmíràn á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nígbà tí oṣù ṣì ku ọ̀sẹ̀ kan, òmíràn á jókòó síbẹ̀ títí oṣù á fi parí, olówó á sì béèrè ohun tí mo ń ṣe láti ìgbà yẹn. Ìdí nìyí tí mo fi ra ṣíìtì kan ní oṣù kẹrin, ₦15,000, lọ́wọ́ ẹnì kan tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ yìí. Mo ti fi oṣù mẹ́ta gbáko lò ó.

Orí Google Sheets ló wà, ìlà kan fún ìpolówó kọ̀ọ̀kan. Iye tí ẹ fẹ́ ná lóṣù ń lọ sí òpó C, iye tí ẹ ti ná ń lọ sí D. Òpó E á sọ iye tó yẹ kí ẹ ti ná títí di ọjọ́ náà, F á pín D sí E, G á sì sọ iye tó kù láti máa ná lójúmọ́ títí oṣù á fi parí. Bí F bá jẹ́ 1, owó ń bá ọjọ́ rìn. Bó bá ju 1.1 lọ, àpótí náà á di àwọ̀ ìyeyè. Bó bá kọjá 1.3, á pọ́n. Bí kò bá tó 0.9, á di búlúù, ìyẹn ni pé owó ń fà sẹ́yìn. Láàárọ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni mo fi ń wo gbogbo oníbàárà mẹ́jọ, nígbà tó jẹ́ pé ìpolówó kọ̀ọ̀kan ni mo ń ṣí wò tẹ́lẹ̀.

Àmọ́ bí mo ṣe rà á, kò ṣeé gbára lé. Ó ka ọjọ́ òní mọ́ ọjọ́ tó ti parí. Bí mo bá ṣí i ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, á retí owó ọjọ́ mẹ́rin odindi, nígbà tí ọjọ́ mẹ́ta péré ló ti lọ. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo nǹkan á di búlúù, bí ẹni pé kò sí ìpolówó kankan tó ń ṣiṣẹ́. Ní oṣù kẹrin yẹn, mo fi owó kún ìpolówó méjì tí kò nílò rẹ̀ nítorí àwọ̀ yìí. Nígbà tí mo rí ibi tó ti ń wá, mo tún E àti G kọ báyìí:

```
E2: =C2*(DAY(TODAY())-1)/DAY(EOMONTH(TODAY(),0))
F2: =D2/E2
G2: =(C2-D2)/(DAY(EOMONTH(TODAY(),0))-DAY(TODAY())+1)
```

Iye tí mo ń kọ sí D náà gbọ́dọ̀ bá a mu: láti ọjọ́ kìíní oṣù títí di àná ni mo ń yàn nínú Google Ads kí n tó ka òpó `Cost`. Ẹ má ṣe yan `This month`, nítorí pé owó òní wà nínú rẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà níbi ọ̀rọ̀ ọjọ́ yìí. Àkáǹtì ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà mi, ẹni tó ṣí i fún un yan aago Los Angeles. Ní oṣù kẹfà, aago mẹ́jọ àárọ̀ wa ni òru ń dá lọ́hùn-ún. Bí mo bá ka owó rẹ̀ ní aago méje, ohun tí mo pè ní àná kò tíì parí. Fún tirẹ̀, mo ń dúró kí aago mẹ́sàn-án lù.

Ibi tí ṣíìtì náà ti wúlò jù ni ọ̀rọ̀ màmá kan tó ń ta àǹkárá àti aṣọ òkè ní Gbági. ₦360,000 ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìpolówó àǹkárá ní oṣù kẹfà. Oṣù náà jẹ́ ọjọ́ 30, mo sì fi ₦12,000 sí i lójúmọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ 11, ó ti ná ₦150,000, nígbà tí E ń retí ₦120,000. F jẹ́ 1.25, àwọ̀ ìyeyè. Ìyẹn ni pé ₦15,000 ló ń ná lójúmọ́ lórí ohun tí mo fi ₦12,000 sí.

Kì í ṣe àṣìṣe Google Ads o. Iye tí ẹ kọ fún ọjọ́ kan, ìpíndọ́gba ni wọ́n kà á sí: ọjọ́ kan lè ná tó ìlọ́po méjì rẹ̀, ọjọ́ mìíràn á ná díẹ̀. Ohun tí wọn kò ní kọjá ni iye ojúmọ́ náà lọ́nà 30.4 láàárín oṣù, tí ẹ kò bá yí iye náà padà. Tiwa jẹ́ ₦364,800. Nítorí náà, owó tó ń sáré ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kò ní sọ ẹnikẹ́ni di onígbèsè. Ewu ibẹ̀ ni pé ìpolówó á dákẹ́ kí oṣù tó parí. Ẹ pín ₦360,000 sí ₦15,000: ọjọ́ 24 ni owó yẹn á tán. Ọjọ́ 25 sì ni owó oṣù ń bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́, ìgbà náà gan-an ni fóònù màmá máa ń dún jù lọ.

Àbùkù tó tóbi jù nínú ṣíìtì náà nìyí, mo sì fẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ rà á mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ gbogbo ló kà sí ọgbọọgba. Fún ẹni tó ń ta oògùn ibà, ìyẹn lè dára. Fún ẹni tó ń ta aṣọ, kò dára. Mo jókòó pẹ̀lú màmá, mo bi wọ́n ní iye tí wọ́n máa ń tà ṣáájú owó oṣù àti lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, ọjọ́ kan nínú ìparí oṣù tó ọjọ́ méjì nínú àárín oṣù.” Mo bá pín owó náà gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe wí: ₦10,000 lójúmọ́ láti ọjọ́ kìíní dé ọjọ́ 24, ₦20,000 lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́fà tó kẹ́yìn. Ó pé ₦360,000 géérégé. Pẹ̀lú ìpín tuntun yìí, ₦100,000 ló yẹ kí a ti ná ní àárọ̀ ọjọ́ 11. F kúrò ní 1.25, ó di 1.5, àpótí náà sì pọ́n. Owó kan náà, ọjọ́ kan náà, àmọ́ ṣíìtì ti wá rí ewu tí kò rí tẹ́lẹ̀.

Kí n tó dín owó kù, mo wá ohun tó ń lé e sáré. Nínú `Search terms`, mo rí i pé àwọn tó kọ “ankara styles” pọ̀ lára àwọn tó ń tẹ ìpolówó wa. Àwòrán tí wọ́n á gbé lọ fún télọ̀ ni wọ́n ń wá, aṣọ kọ́. Mo fi `styles` sínú ọ̀rọ̀ tí a kò fẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo ṣe ìṣirò: ₦210,000 ló kù, ₦120,000 nínú rẹ̀ jẹ́ ti ìparí oṣù, ó ku ₦90,000 fún ọjọ́ 14. Mo sọ iye ojúmọ́ di ₦6,400.

Ìpolówó kejì wọn, ti aṣọ òkè, ń fà sẹ́yìn ní tirẹ̀. ₦90,000 ni ti oṣù náà. Ní àárọ̀ ọjọ́ 21 ó ti ná ₦36,000, E ń retí ₦60,000, F jẹ́ 0.6. Òpó G ní kí n máa ná ₦5,400 lójúmọ́ láti fi bá ọjọ́. Mo gbọ́ tirẹ̀, mo gbé e sókè láti ₦3,000. Ọjọ́ mẹ́ta kọjá, ₦1,800 tó ń ná tẹ́lẹ̀ náà ló ṣì ń ná lójúmọ́.

G kò lè mọ ohun tó dá owó dúró. Ìpín ló mọ̀. Òpó méjì kan wà nínú Google Ads tó yẹ kéèyàn ṣí kó tó fọwọ́ kan owó. `Search lost IS (budget)` ń sọ ìpín ìgbà tí ìpolówó yín kò jáde nítorí pé owó kò tó. `Search lost IS (rank)` ń sọ ìpín ìgbà tí kò jáde nítorí pé àwọn mìíràn lékè yín, bóyá iye tí ẹ fẹ́ san fún títẹ̀ kan ló kéré, bóyá ìpolówó náà ni kò bá ohun tí èèyàn ń wá mu. Tiwa, ti owó jẹ́ òdo, ti ipò kọjá ìdajì. Ojò náà kún, ẹnu páìpù ló kéré. Kò sí iye omi tí mo lè bù kún ojò tó máa mú kí ó tú jáde yára.

Mo lè gbé iye títẹ̀ sókè, àmọ́ oṣù ku ọjọ́ méje péré, mi ò sì fẹ́ fi owó olówó dán nǹkan wò ní kánjúkánjú kí ìṣirò lè dọ́gba. Ní àárọ̀ ọjọ́ 24, ₦48,600 ló kù níbẹ̀. Bó bá ń ná ₦1,800 lójúmọ́, ₦12,600 tó o. Mo pe màmá, mo ṣàlàyé, wọ́n gbà kí n kó ₦36,000 tó kù sórí àǹkárá. Ní ọjọ́ 25, mo gbé iye ojúmọ́ àǹkárá sí ₦26,000. Àràárọ̀ ni mo ń wò ó láti ìgbà náà, nítorí pé ₦26,000 lè di ₦52,000 lọ́jọ́ kan, kò sì sí ọjọ́ púpọ̀ mọ́ tí á fi padà dọ́gba. Ní ìparí oṣù, ₦391,000 ló ná nínú ₦396,000, ìpolówó àǹkárá kò sì dákẹ́ ní ọjọ́ kankan láti ọjọ́ 25 lọ.

Àbùkù kan ṣì kù tí mi ò tíì rí àtúnṣe sí. Ìpolówó tó bá bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù, ṣíìtì á ka ọjọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní, á sì di búlúù lásán. Mo ń fi ọwọ́ ṣe ìṣirò ti irú wọn. Mo ti sọ fún ẹni tó tà á fún mi, ó ní òun máa fi òpó ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ kún un. Bó bá ṣe é tó sì fi àyè sílẹ̀ kí oníkálukú pín ọjọ́ bí ọjà rẹ̀ ṣe rí, mo lè san ìlọ́po méjì owó tí mo san.

Bí ẹ bá lo àtúnṣe tèmi lókè yìí, ẹ máa rí `#DIV/0!` nínú F ní ọjọ́ kìíní oṣù, nítorí pé kò tíì sí ọjọ́ kankan tó parí. Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi kì í wo àwọ̀ rárá títí di ọjọ́ karùn-ún, torí pé ọjọ́ kan tí ọjà yá lè sọ F di 1.6 ní ọjọ́ kejì, kó sì padà sí 1 ní ọjọ́ kẹfà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.