Mówè àbí Ìjú: ilé wo ló jìnnà sí Aláùsá jù?

Àbúrò mi obìnrin fẹ́ ra ilé. Aláùsá ní Ìkejà, Èkó, ló ti ń ṣiṣẹ́: aago mẹ́jọ àárọ̀ ni wọ́n ń wọlé, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń jáde. Lẹ́yìn tó ti wo ilé káàkiri títí tí bàtà rẹ̀ fi jẹ tán, méjì ló kù tó ń dà á láàmú. Ọ̀kan jẹ́ búńgálò oníyàrá mẹ́ta ní Mówè, nínú lọ́hùn-ún lójú ọ̀nà Ọ̀fàdà, mílíọ̀nù 28 náírà. Èkejì jẹ́ fúláàtì oníyàrá méjì ní Ìjú, mílíọ̀nù 36. Ajẹ́ǹtì tó mú un lọ sí Mówè ní, "Mọ́mì, ìṣẹ́jú 35 péré ni láti ibí dé Aláùsá."

Kò purọ́. Ọjọ́ Àìkú ni, aago méjì ọ̀sán, mọ́tò ajẹ́ǹtì fúnra rẹ̀ ni wọ́n gbé lọ, ọ̀nà márosẹ̀ sì dá páropáro. Èmi ni mo ní kó má tíì sanwó. Ọjọ́ Àìkú kọ́ ló máa ń lọ síbi iṣẹ́, kò sì ní mọ́tò.

Bí ẹ bá wo máàpù, Ìjú ló borí láìjanpata. Láti ilé Mówè dé Aláùsá jẹ́ kìlómítà 27, ti Ìjú sì jẹ́ 12. Ṣùgbọ́n kìlómítà kì í gbé èèyàn débi iṣẹ́ ní agbègbè wa yìí. Google Maps wúlò tí ẹ bá mọ bí ẹ ṣe máa lò ó: ẹ má wo iye ìṣẹ́jú tó ń fi hàn lọ́wọ́lọ́wọ́, ẹ tẹ `Arrive by`, kí ẹ fi aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Ajé sí i. Bó ti wù kó rí, ẹni tó wà nínú mọ́tò ara rẹ̀ ni iye tó máa gbé jáde ń bá wí. Kò ka àsìkò tí ẹ fi ń wá ọ̀kadà, kò sì mọ̀ pé dáńfó kò ní gbéra títí ìjókòó ẹ̀yìn yóò fi kún.

Ohun tí a ṣe kò ju pé kí ó lọ sùn níbẹ̀. Ó ní ọ̀rẹ́ kan ní Mówè tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí èyí tó fẹ́ rà, ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá wa sì ń gbé ní Ìjú. Ó lo ọ̀sẹ̀ kan ní ọ̀dọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan, láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì. Aago mẹ́fà àárọ̀ ló ń jáde nílé ní ibi méjèèjì. Bó bá ti fẹsẹ̀ kan ẹnu ọ̀nà, ó máa kọ aago sílẹ̀. Tó bá dé géètì ọ́fíìsì, ó máa tún kọ ọ́. Ìwé kékeré tó fi ń kọ àkọsílẹ̀ àjọ ló lò. Iye ìṣẹ́jú tó wà níbẹ̀ nìyí:

| Ọjọ́ | Mówè, àlọ | Mówè, àbọ̀ | Ìjú, àlọ | Ìjú, àbọ̀ |
|---|---|---|---|---|
| Ajé | 96 | 102 | 58 | 75 |
| Ìṣẹ́gun | 78 | 95 | 52 | 68 |
| Ọjọ́rú | 74 | 98 | 49 | 70 |
| Ọjọ́bọ̀ (òjò rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjèèjì) | 131 | 110 | 63 | 72 |
| Ẹtì | 71 | 175 | 48 | 85 |

Ẹ kọ́kọ́ wo àlọ. Tí a bá pín in dọ́gba, Mówè jẹ́ ìṣẹ́jú 90, Ìjú jẹ́ 54. Ọ̀nà Mówè gùn ju ìlọ́po méjì ti Ìjú lọ, síbẹ̀ àsìkò rẹ̀ kò tó ìlọ́po méjì. Ìdí ni pé kìlómítà Ìjú wúwo. Láti ojú ọ̀nà Ìjú títí dé Fágbà, kí ẹ tó kọjá Pẹ́ẹ̀nì Sínímà bọ́ sí Ọ̀gbà, kòrópè ń dúró ní gbogbo ibi tí èèyàn bá ti nawọ́, kẹ̀kẹ́ Màrúwà ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, ọjà sì ti bọ́ sójú títì. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ni, àmọ́ irú kan náà ni lójoojúmọ́. Èyí tó burú jù nínú àárọ̀ márùn-ún ní Ìjú jẹ́ ìṣẹ́jú 63, èyí tó dára jù jẹ́ 48. Ìṣẹ́jú 15 ló wà láàárín wọn. Ní Mówè, 71 ló dára jù, 131 ló burú jù. Wákàtí kan gbáko ló wà láàárín wọn.

Níbo ni wákàtí yẹn ti wá? Ó pín ìrìn àjò rẹ̀ sí mẹ́rin nínú ìwé náà, òun ló jẹ́ kí a rí i. Lọ́jọ́ tí ilẹ̀ bá gbẹ, ọ̀kadà máa ń gbé e láti ẹnu ọ̀nà ilé dé ẹ̀bá márosẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 15. Lọ́jọ́bọ̀ tí òjò rọ̀, ojú ọ̀nà àdúgbò ti di ẹrẹ̀, ọlọ́kadà méjì ní àwọn kò lọ, ó bọ́ bàtà, ó fi ẹsẹ̀ rìn débi tí ilẹ̀ ti le. Ìṣẹ́jú 34 ti lọ kó tó rí títì. Nígbà tó débẹ̀, èrò ti pọ̀ ju ọkọ̀ lọ, ó sì dúró fún ìṣẹ́jú 25. Lẹ́yìn náà ni tírélà kan kọṣẹ́ nítòsí Kàrá, lórí afárá gígùn yẹn. Ẹni tó bá mọ ibẹ̀ mọ̀ pé kò sí ibi tí ọkọ̀ lè yà sí. Ìgbà tí wọ́n fi dé Bẹ́jà, ó ku díẹ̀ kí aago mẹ́jọ lù.

Ìgbà tó ti rí gbogbo èyí ló wá bi mí pé aago mélòó ni kí òun máa jáde nílé. Ìbéèrè tó yẹ kí olùrà ilé bi ara rẹ̀ gan-an nìyẹn, kì í ṣe pé ìṣẹ́jú mélòó ni ìrìn àjò náà. Ọjọ́ burúkú ni a fi ń ṣètò ọjọ́ tó dára, torí ẹ kò mọ èwo ni tòní. Kó má baà pẹ́ lọ́jọ́ tó bá rí bíi ti Ọjọ́bọ̀ yẹn, ó gbọ́dọ̀ máa kúrò ní Mówè nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú 15 kí aago mẹ́fà lù. Ní Ìjú, tó bá jáde ní aago méje ku ìṣẹ́jú 10, kò séwu. Ìṣẹ́jú 36 ni ìyàtọ̀ àárọ̀ nígbà tí a pín in dọ́gba, ṣùgbọ́n oorun tó máa pàdánù jẹ́ ìṣẹ́jú 65 lójoojúmọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Mówè tiẹ̀ ń jáde ní aago márùn-ún kọjá díẹ̀, kó lè kọjá afárá kí ilẹ̀ tó mọ́, á wá parí oorun lórí tábìlì ọ́fíìsì.

Àbọ̀ yàtọ̀. Ìṣẹ́jú 175 tí ẹ rí ní ọjọ́ Ẹtì kì í ṣe jàǹbá. Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù ni, ọjọ́ ìsìn Ẹ̀mí Mímọ́ ní Rìdẹ́mṣọ̀n Káńpù. Iwájú Mówè ni káńpù wà, nítorí náà ojú ọ̀nà kan náà ni èrò ìsìn àti ẹni tó ń re ilé jọ ń gbà. Ẹ má dá àwọn olùjọsìn lẹ́bi, ẹ sáà kà á mọ́ ìṣirò yín, ẹ sì kà á bó ṣe yẹ. Tí a bá ka 175 mọ́ gbogbo ọ̀sẹ̀, a máa rò pé àbọ̀ Mówè jẹ́ ìṣẹ́jú 116, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń wáyé nínú nǹkan bí ọjọ́ iṣẹ́ 22. Nígbà tí mo kà á lẹ́ẹ̀kan péré lóṣù, ó bọ́ sí nǹkan bí 105. Ti Ìjú jẹ́ 74. Ìyàtọ̀ àlọ àti àbọ̀ wá di nǹkan bí ìṣẹ́jú 67 lójúmọ́, ìyẹn ju wákàtí 24 lọ lóṣù. Ọ̀sán kan, òru kan.

Owó ńkọ́? Ibi yìí ni Mówè ti yà mí lẹ́nu. Ọ̀kadà, dáńfó dé Bẹ́jà àti ọkọ̀ Aláùsá jẹ́ ₦1,600 ní àlọ nígbà tí a dán an wò. Ìjú jẹ́ ₦700, torí ó ń fẹsẹ̀ rìn jáde sí títì. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ní àlọ àti àbọ̀ fún ọjọ́ 22 jẹ́ ₦39,600 lóṣù, ₦475,200 lọ́dún. Mílíọ̀nù mẹ́jọ ni ilé Ìjú fi wọ́n ju ti Mówè lọ, nítorí náà ó máa tó ọdún 17 kí owó ọkọ̀ tó jẹ ìyàtọ̀ náà tán. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ilé tó sún mọ́ iṣẹ́ máa ń dá owó ara rẹ̀ padà, ẹ ní kó mú bírò. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí owó ọkọ̀ lẹ́yìn oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Bí owó ọkọ̀ bá di ìlọ́po méjì, ìyàtọ̀ náà di ìlọ́po méjì, ọdún 17 á sì di bí ọdún mẹ́jọ àtààbọ̀. Ẹni tó ń gbé ọ̀nà jíjìn ni àlékún náà ń dùn jù.

Ẹni tó ní mọ́tò, lítà ni kó fi ṣe tirẹ̀. Bí mọ́tò bá ń rin kìlómítà 10 lórí lítà kan, Mówè máa jẹ nǹkan bíi lítà 119 lóṣù, Ìjú 53. Nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, ó máa jẹ ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ibi méjèèjì.

Nǹkan kan tún wà ní Ìjú tí kò sí ní Mówè: ọkọ̀ ojú irin Èkó tí wọ́n ń pè ní Rẹ́ẹ̀dì Láìnì, tó ń rìn láti Agbádò dé Òyìngbò, tó sì ń dúró ní Ìjú, Agége àti Ìkejà. Àbúrò mi dán an wò ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan lẹ́yìn tí ọ̀sẹ̀ méjèèjì ti parí. Kò fi bẹ́ẹ̀ dín àsìkò kù fún un, torí ó ní láti kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ láti Aláùsá dé ibùdókọ̀ ojú irin Ìkejà. Ká ní Yábàá tàbí Òyìngbò ló ti ń ṣiṣẹ́ ni, ọ̀rọ̀ máa yàtọ̀ pátápátá. Ẹ wo àsìkò tí ọkọ̀ ń gbéra kí ẹ tó gbọ́kàn lé e, torí kì í wá lemọ́lemọ́ bíi dáńfó.

Owó ń fà á sí Mówè, oorun ń fà á sí Ìjú. Ibi tí ọmọ rẹ̀ ń dúró sí ló parí ọ̀rọ̀ náà. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni ilé ìtọ́jú ọmọ máa ń tilẹ̀kùn, yálà ní Mówè tàbí ní Ìjú. Tó bá jáde ní Aláùsá ní aago mẹ́rin, á dé Mówè ní aago mẹ́fà ku nǹkan bí ìṣẹ́jú 19 lọ́jọ́ tí nǹkan bá rọrùn, àmọ́ ní Ẹtì àkọ́kọ́, aago méje ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìjú tó burú jù á gbé e délé ní aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú 25. Ó ra fúláàtì oníyàrá méjì náà, ó sì ń ráhùn títí dòní pé ilé ìdáná rẹ̀ kò gba èèyàn méjì. Ajẹ́ǹtì Mówè ṣì ń pè é. Ó ní kó wá tún ilé náà wò, kó wá lọ́jọ́ Àìkú, nígbà tí ọ̀nà bá dá.